Ẹwà Ò Ṣeé Fọwọ́ Kàn

Ẹjọ́ kan wà nílé wa tí wọ́n bí mi bá. Ìyá mi ló pẹjọ́, bàbá mi ló ń jẹ́jọ́, àwa ọmọ sì ni adájọ́ tí kò rí ẹjọ́ náà dá. Ẹ̀sùn ọ̀hún ò ju gbólóhùn kan lọ: lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, bàbá mi ò wo ìyàwó rẹ̀ rárá.

Bí ọbẹ̀ bá jóná, bí òjò bá ya wọlé, bí bàbá mi bá gbàgbé iyọ̀ tí wọ́n ní kó rà bọ̀, ẹjọ́ yẹn ni yóò jí dìde. "Àtàárọ̀ dalẹ́ ni wọ́n dorí kodò," ìyá mi á ní, "bí ẹni tí owó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú koríko. Bí wọ́n bá fi ìyá àgbà rọ́pò mi nínú gáùn yẹn, wọn ì bá má mọ̀." Bàbá mi á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á ní, "Ìyá wọn, ẹ̀rù àwọn àgbà ló ń bà mí." Òótọ́ ni pé àwọn àgbà ilé rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé ọkọ ìyàwó tó bá ń tẹjú mọ́ obìnrin nínú ilé Ọlọ́run, ojú rẹ̀ ti là jù. Ṣùgbọ́n ìyá mi kì í gba àwíjàre yẹn. Bó bá sì ti rẹ̀ ẹ́ láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, á rọra sọ pé àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé wọ́n fi òun lé e lọ́wọ́ ni. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn mí.

Ẹ̀rí ò sì sí. Oníṣẹ́ fọ́tò tó wá láti ìgboro Ìbàdàn ṣí ẹ̀rọ rẹ̀ kí fíìmù tó yí tán, ìmọ́lẹ̀ wọlé, gbogbo fíìmù náà sì jóná. Ilé wa ò ní fọ́tò ìgbéyàwó kankan. Ibi tí àwọn ẹlòmíràn ń fi tiwọn kọ́ sí lára ògiri, aago tí kì í ṣiṣẹ́ la fi síbẹ̀.

Èmi wá jẹ́ ẹni tó ń fi àwòrán jẹun. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Moniya, lẹ́bàá ọ̀nà Ọ̀yọ́, níbi tí mo ti ń ṣe báńà, kálẹ́ńdà, àti ìwé ètò ìsìn. Láyé òde òní, bí oníbàárà ò bá ní fọ́tò, n óò bá AI inú fóònù mi sọ̀rọ̀, yóò sì ya ohun tí mo bá ṣàpèjúwe fún un. Òun ni mo fi ya òkìtì iṣu àti ọ̀pọ̀ àgbàdo sára báńà ìkórè ìjọ àwọn òbí mi nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì wa iṣu. Ọ̀rọ̀ báńà yẹn ló dé etí bàbá mi lóko.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, eruku ọ̀nà Ìjàyè bo ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún. Ìyá oníbúrẹ́dì kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń dúró de báńà rẹ̀. Bàbá mi kí i, ó bọ́ fìlà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi fìlà náà nu ọwọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà.

"Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ yìí," ó ní, "ìgbéyàwó èmi àti ìyá rẹ á pé ogójì ọdún. A fẹ́ ṣe ìdúpẹ́. Ẹ̀rọ rẹ yẹn tó ń ya ohun tí a bá sọ, jẹ́ kó ya ìyá rẹ fún mi, bó ṣe rí lọ́jọ́ náà."

Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé mo ń jẹun. Mo ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo mú fóònù. "Ẹ sọ ọ́, Bàbá. Báwo ni wọ́n ṣe rí?"

"Ó rẹwà."

"Mo gbọ́. Báwo?"

Ó rò ó díẹ̀. "Ó rẹwà gan-an ni."

Mo tẹ ohun tó sọ gẹ́lẹ́, mo kàn yí i sí Òyìnbó nítorí pé ẹ̀rọ náà gbọ́ ọ ju tiwa lọ: ìyàwó tó rẹwà gan-an, ọmọ Yorùbá, lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ó yà á. Ọmọge kan yọ, ojú rẹ̀ ń dán yinrin bí abọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, ìpéǹpéjú rẹ̀ gùn, kò sí ihò irun kan lára rẹ̀. Bàbá mi gba fóònù, ó nà án jìnnà sí ojú, ó wò ó.

"Ta ni ọmọ yìí?"

"Ẹ ní ó rẹwà."

"Ó rẹwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ ọ́n."

Mo fi "àrà ọ̀tọ̀" àti "àwòyanu" kún un, kí n lè fi hàn án pé ìyìn ò yí nǹkan kan padà. Ọmọge yẹn kan náà padà wá, òdòdó ń já bọ́ lé e lórí láti òkè, góòlù kún ọrùn rẹ̀. Nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ ò ṣòro. Àìmọye àwòrán ni ẹ̀rọ náà ti wò kí ó tó kọ́ṣẹ́, kálukú ló sì ń pe tirẹ̀ ní arẹwà: ẹni tó ń ta ìpara, ẹni tó ń ta ilé, ẹni tó ya ológbò rẹ̀. Nítorí náà, bí o bá sọ fún un pé "ó rẹwà," o ò tíì sọ ohun tí yóò yà. Yóò kàn bu èyí tó pọ̀ jù nínú agbada fún ẹ. Mo tún gbìyànjú láti fi fọ́tò káàdì ìdìbò ìyá mi há a lọ́wọ́, ó sì wọ gáùn fún ìyá arúgbó kan tó fajú ro bí ẹni tí wọ́n gba oko lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá mi sún sẹ́yìn. "Ìyá ìyàwó mi nìyẹn," ó ní, "jọ̀ọ́, mú un kúrò."

Ìyá oníbúrẹ́dì ti gbàgbé báńà. Ó fa bẹ́ǹṣì súnmọ́ wa.

Bàbá mi wá rí i pé ọ̀rọ̀ náà ń fẹ́ agbára. Ó jókòó dáadáa, ó wúkọ́ láti tún ohùn ṣe. "Kọ ọ́ báyìí," ó ní. "Ó rẹwà bí egbin."

Ó yẹ kí n mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti ń gùn mí, mo sì fẹ́ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Egbin, ẹran ìgbẹ́ tí à ń fi ẹwà obìnrin wé látayébáyé, ẹ̀rọ náà ò bá a pàdé lọ́nà yẹn rí. Ohun tí mo tẹ̀ fún un ni obìnrin tó dà bí ẹran inú igbó, ohun tó sì yà nìyẹn: ìyàwó nínú gáùn funfun, ìwo méjì yọ lórí rẹ̀ láàárín ìbòrí, imú rẹ̀ tutù, ó ń wo wa bí ẹni tó gbọ́ ìró ìbọn.

Ìyá oníbúrẹ́dì bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Kì í ṣe àsọdùn. Ìdí rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó ń pariwo pé, "Wọ́n ti gbé ẹran níyàwó o!" Èmi náà dojú bolẹ̀ sórí tábìlì, omi ń bọ́ lójú mi.

"Kí lẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí?" Bàbá mi bínú díẹ̀. "Èyí ti di ẹran."

"Ẹ̀yin lẹ pe egbin, Bàbá."

"Ó dáa. Eyín rẹ̀ funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú."

Mo tẹ ẹ́. Òwú kún ìyàwó lẹ́nu títí tí ẹnu ò fi lè padé. Nígbà yìí bàbá mi fúnra rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, kì í sì í ṣe ẹni tó máa ń rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ níta.

Nígbà tí a mí tán, mo gbé òfin kalẹ̀. "Bàbá, láti ìsinsìnyí lọ, ẹ ò gbọdọ̀ yìn wọ́n mọ́."

Ojú rẹ̀ là. "Kí n má yin ìyàwó mi?"

"Ẹ má yìn wọ́n. Ẹ sọ ohun tí ojú yín rí. Ohun tí mo lè fọwọ́ kàn lára àwòrán, kí n ní òun nìyí, ibí yìí ló wà. Ẹwà ò ṣeé fọwọ́ kàn. Àmì ojú ṣeé fọwọ́ kàn. Àwọ̀ ṣeé fọwọ́ kàn, ibi tí ọwọ́ wà ṣeé fọwọ́ kàn. Bí ẹ bá ti sọ ìyẹn, ẹni tó bá wò ó ni yóò fẹnu ara rẹ̀ pè é ní arẹwà."

Ìyá oníbúrẹ́dì ní òun ò gbà. Búrẹ́dì tòun dára jù lọ ní gbogbo Akinyele, kí ló dé tí òun ò gbọdọ̀ sọ bẹ́ẹ̀? Mo ní kó fi ojú inú wò ó bó ṣe ń jáde látinú ààrò. Ó dijú. "Ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n," ó ní, "ẹ̀gbẹ́ kan dúdú díẹ̀ níbi tó fara kan agolo. Mo ti fà á ya sí méjì, inú rẹ̀ funfun, ó ń yọ okùn wẹ́wẹ́, èéfín ń jáde." Mo tẹ gbogbo rẹ̀, mo fi ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ láti ọwọ́ òsì kún un, mo fi fóònù hàn án. Ó nawọ́ ó fọwọ́ kan èéfín náà. Ebi sì pa àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ó yé mi," bàbá mi wí.

Ṣùgbọ́n kò bẹ̀rẹ̀.

Ó ń wo títì, bọ́ọ̀sì ń kọjá, ó ń yí fìlà lọ́wọ́. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi díẹ̀díẹ̀. Èrò tó wá sọ́kàn mi ni pé ẹjọ́ náà ti dá ara rẹ̀. Mo ti gba ìyìn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, bóyá ìyìn nìkan ló sì ní. Bóyá kò wò ó lóòótọ́. Mo fẹ́ sọ pé kó má ṣèyọnu, pé mo lè ya ìyàwó kan tó gún régé, kí a fi fún wọn. Mo la ẹnu.

"Kò wọ bàtà," ó ní.

Ìjọ aláṣọ funfun ni tiwa, a kì í wọ bàtà wọlé àdúrà. Gbogbo ènìyàn ń bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà, òkìtì bàtà á sì ga. Lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí ìsìn parí, bàbá mi ṣàlàyé, ìyá mi jáde, ó rí ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kan, kò rí èkejì. Bàtà àyálò ni, ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òjò ti rọ̀ dá. Ó wá ń fi ẹsẹ̀ lásán kiri inú ẹrẹ̀ nínú gáùn.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sì dúró mọ́. Gáùn náà gùn jù fún un. Ó ká a jọ sí ọwọ́ òsì títí ó fi di ìdì, síbẹ̀ etí rẹ̀ ti pọ́n, ẹrẹ̀ pupa gùn ún dé agbede-méjì ojúgun. Ọwọ́ ọ̀tún mú bàtà funfun kan, gìgísẹ̀ rẹ̀ ti bó. Ó ti ju ìbòrí sẹ́yìn èjìká. Ewé máńgòrò tútù kan lẹ̀ mọ́ ìbòrí náà lẹ́yìn etí, kò sì mọ̀. Àwọ̀ rẹ̀ dúdú, pélé mẹ́ta mẹ́ta lẹ́rẹ̀kẹ́, kúkurú. Òógùn wà lórí imú. Ó la ẹnu rẹ́rìn-ín débi pé èjí ọwọ́ òkè hàn. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lẹ́yìn òjò, omi tó dúró nílẹ̀ ń kọ mọ̀nà.

Mo ń tẹ̀, ọwọ́ mi ò yá tó. Bí mo bá ní "kò wọ bàtà," ẹ̀rọ náà á gbọ́ bàtà, á wọ̀ ọ́ fún un; mo fi "ẹsẹ̀ lásán, ẹrẹ̀ pupa dé kókósẹ̀" dípò, bàtà bọ́ kúrò. Èyí tí kò sí, ẹ má dárúkọ rẹ̀ fún un. Èyí tó wà ni kí ẹ sọ. Ìgbà kan ó fún ìyá mi ní ìka mẹ́fà, ìgbà kan ewé máńgòrò di igi odindi lórí rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo là ń yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí a lè mọ èyí tó ṣe é. Ìyá oníbúrẹ́dì ń pàṣẹ lẹ́yìn wa pé, "Ẹ dín ewé kù! Ẹ fi ẹrẹ̀ kún un!" bí ẹni tó ń se ọbẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù dùn ju ọjọ́ ọdún lọ.

Ó ku ohun kan. "Bàbá, ibo lẹ dúró sí?"

Ó wolẹ̀. "Kí lò ń béèrè ìyẹn fún?"

"Àwòrán gbọ́dọ̀ ní ibi tí ojú ti ń wò ó. Ṣé iwájú ni, àbí òkè, àbí ọ̀nà jíjìn?"

Ó fi fìlà bo orúnkún rẹ̀, ó tún un tẹ́. "Mo wà ní yàrá àwọn àgbà ìjọ," ó ní jẹ́jẹ́. "Fèrèsé onípákó ni. Mo ti ilẹ̀kùn rẹ̀ kan síta díẹ̀."

Ìyá oníbúrẹ́dì ò rẹ́rìn-ín. Mo tẹ ẹ́ sí i: a ń wò ó láti inú ilé, pákó fèrèsé dúdú lápá òsì àwòrán, ìmọ́lẹ̀ ní òdìkejì. Ó yà á, bàbá mi sì gba fóònù lọ́wọ́ mi, kò dá a padà fún ìgbà díẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìdúpẹ́, a padà sílé. Mo gbé àwòrán náà jáde nínú férémù, mo fi lé ìyá mi lọ́wọ́ nínú pálọ̀. Bàbá mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń ṣe bí ẹni tó ń tú okùn bàtà rẹ̀.

Ìyá mi wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ta lẹ yà yìí? Imú ta nìyí? Imú mi fẹ̀ ju báyìí lọ, ẹ ṣáà rí i!" Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀rọ náà ò mọ̀ ọ́n, a ti ṣe títí, imú ò gbọ́ tiwa. Èjìká bàbá mi sì wálẹ̀, mo rí i.

Ojú ìyá mi wá ń sọ̀ kalẹ̀ lára àwòrán náà. Ó dé èjí. Ó dé ọwọ́ tó ká gáùn. Ó dé bàtà, ó sún un mọ́ ojú. "Gìgísẹ̀ tó bó," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí." Ó tún gbójú sókè, ìka rẹ̀ dúró lẹ́yìn etí ìyàwó náà.

"Ta ló sọ ti ewé yìí fún yín? Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó yọ ọ́. Èmi nìkan ni mo rí i."

Ó fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ òsì, ibi tó dúdú. "Pákó kí nìyí?"

"Fèrèsé ni," bàbá mi wí láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. "Ti yàrá àwọn àgbà."

"Àwọn àgbà ní ẹ wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, pé wọ́n ń gbàdúrà lé yín lórí."

"Wọ́n ń gbà á." Ó gbórí sókè. "Èmi ò dijú."

Ìyá mi jókòó. Ó gbé férémù náà lé itan, omi kún ojú rẹ̀, ẹ̀rín sì ń jà lójú kan náà. Mo fẹ́ kó sọ pé ó rẹwà, kí n lè bá a wí. Kò sọ ọ́. Ó kọjú sí mi.

"Mú fóònù rẹ wá. Ya bàbá rẹ fún èmi náà."

Mo mú un jáde kíá. "Ẹ ò gbọdọ̀ yìn wọ́n o. Báwo ni wọ́n ṣe rí?"

Kò tilẹ̀ rò ó. "Kóòtù àwọ̀ eérú, apá rẹ̀ kúrú, ọrùn ọwọ́ méjèèjì yọ. Bọ́tìnnì kejì ti já, òwú dúdú rẹ̀ ń fì. Wọ́n gé irun, ilà ibi tí abẹ dé funfun lẹ́yìn etí. Wọ́n dorí kodò." Ó dúró díẹ̀. "Ẹrẹ̀ pupa wà lára àpò kóòtù ọ̀tún, bàtà mi kejì sì ń yọrí níbẹ̀."

Mo ṣíwọ́ títẹ̀. Mo wo bàbá mi. Ó ti tún dorí kodò.

"Ẹ mọ̀ pé ọwọ́ mi ló wà?" ó ní.

"Mo mọ̀," ìyá mi dáhùn. "Mo kàn fẹ́ kí ẹ gbójú sókè kí ẹ gbé e fún mi ni."